Bí A Ṣe Ń Ka Páàsì Nínú Fídíò Bọ́ọ̀lù Títí A Ó Fi Rí Pańpẹ́ Tí Wọ́n Dẹ Sílẹ̀

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Ìbàdàn, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ, pè mí pé kí n bá òun wo fídíò ìdíje kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kí n tó jókòó rárá ni ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí ó ń wọ nọ́ńbà 3 yẹn ni ìṣòro wa. Kò mọ páàsì í gbá. Ẹ bá mi kà á, kí n lè fi han bàbá rẹ̀ nígbà tí mo bá gbé e jókòó." Mo kà á, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú iye náà lóòótọ́ bí ènìyàn bá dúró sí ìlà àkọ́kọ́. Bí a bá ka ìlà kejì àti ìkẹta, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín, pẹ̀lú iye tí mo rí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè ṣe irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí mo lò: VLC fún wíwo fídíò, LibreOffice Calc fún ìṣirò, ffmpeg fún títún fídíò ṣe, àti Python pẹ̀lú OpenCV fún wíwọn ibi tí agbábọ́ọ̀lù dúró sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi tí a gbé kámẹ́rà sí

Fóònù méjì ni ó yẹ kí ẹ lò, nítorí iṣẹ́ méjì ni ẹ fẹ́ ṣe. Fóònù àkọ́kọ́ yóò máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù káàkiri pápá. Òun ni ẹ ó fi ka páàsì. Èkejì kò gbọdọ̀ mira rárá. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kò lè yẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìdajì pápá tí ìbéèrè yín wà, kí ó sì máa yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ abala dé òpin. Òun ni ẹ ó fi wọn ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wà. Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ mira ni pé ìṣirò tí ó ń sọ àwòrán di mítà, ojú ibi tí kámẹ́rà ń wò ni a fi ń ṣe é. Bí kámẹ́rà bá yí díẹ̀, ìṣirò àtijọ́ ti di irọ́, ẹ ó sì tún un ṣe láti ìpìlẹ̀ fún gbogbo àwòrán tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n.

Gíga ibi tí fóònù náà wà ṣe pàtàkì ju bí fóònù ṣe dára tó lọ. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, orí fáráńdà ilé ẹ̀kọ́ alájà kan ni a lò. Ó ga ní nǹkan bíi mítà 5, ó kọjú sí ìlà àárín pápá, ó sì fi mítà 10 jìnnà sí ìlà ẹ̀gbẹ́. Gíga yìí kò pọ̀, mo sì máa fi hàn yín níwájú bí ó ṣe dí mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ilé alájà méjì, ẹ gùn ún.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan dúró ní ibi tí fóònù méjèèjì ti lè rí i, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òkè orí rẹ̀. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ẹ ó fi mú aago fídíò méjèèjì bára mu. Ẹ sì wọn pápá pẹ̀lú téèpù. Òfin bọ́ọ̀lù gbà kí pápá gùn láti mítà 90 dé 120, kí ó sì fẹ̀ láti 45 dé 90, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ojú sọ pé pápá ilé ẹ̀kọ́ kan jẹ́ 105 ní 68 bí ti orí tẹlifíṣọ̀n. Pápá tí a lò jẹ́ mítà 100 ní 64. Àpótí ńlá iwájú gólì, èyí tí a ń pè ní éétíìn, ni kì í yí padà níbikíbi: mítà 16.5 ni ó fi wọnú pápá, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 40.32. Ṣùgbọ́n ẹ wọn òun náà, torí ẹni tí ó fi ẹfun fa ìlà lè má ní téèpù lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: títún fídíò ṣe kí a tó kà á

Fóònù kì í ya àwòrán ní iye kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá ṣíji, ó lè dín in kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá padà, ó tún pọ̀ sí i. Mo fi èyí jìyà nígbà kan rí: mo ti ka abala kan tán, mo wá rí i pé fídíò méjèèjì tí ó bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yàtọ̀ nígbà tí abala fi máa parí. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, agbábọ́ọ̀lù tí ó ń sáré ti kúrò ní ibi tí mo ń wọ̀n ní mítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ó ń wo èyí sàn, ẹ ṣe é fún fídíò méjèèjì:

```
ffmpeg -i abala1.mp4 -r 25 abala1_25.mp4
```

Láti ìgbà yìí lọ, àwòrán 25 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní yẹ̀. Nínú VLC, lẹ́tà `e` ń gbé fídíò lọ ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, `[` ń dín eré rẹ̀ kù, Shift pẹ̀lú ọfà òsì sì ń dá a padà díẹ̀ sẹ́yìn. Mẹ́ta yìí nìkan ni ẹ nílò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni páàsì?

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí. Bí ẹni méjì bá ka abala kan náà láìkọ́kọ́ fẹnu kò, iye wọn kò ní bára mu, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò sì máa búra pé òun kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo kọ sórí bébà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni èyí: páàsì ni kí agbábọ́ọ̀lù mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tàbí kí ó fi orí kàn án, sí ẹni kan pàtó nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kàn gbá a dànù kí ewu lè kúrò níwájú gólì, kì í ṣe páàsì. Jíjù bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá ní ojú ìwé tirẹ̀. Páàsì yọrí sí rere bí ẹni tí ó kọ́kọ́ káwọ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà bá jẹ́ ara ẹgbẹ́ tí ó gbá a, kódà bí ó bá ti ta mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá lójú ọ̀nà.

Ibi tí ó ń fa àríyànjiyàn jù ni bọ́ọ̀lù gígùn tí ẹni ẹ̀yìn gbá síwájú. Ṣé ó rí ẹnì kan ni, àbí ó kàn gbá a kúrò? Mo ń wo orí rẹ̀. Bí ó bá gbé ojú sókè kí ó tó gbá a, páàsì ni. Bí ojú rẹ̀ bá wà nílẹ̀ tí ọ̀tá sì ń bọ̀, gbígbá dànù ni. Òfin yìí kò pé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí ni ó sì ṣe pàtàkì.

Ní Calc, ẹ fún páàsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan. Òpó A ni àkókò tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀. B ni ẹni tí ó gbá a, C ni ẹni tí ó gbá a sí. D jẹ́ 1 bí ó bá yọrí sí rere, 0 bí kò bá yọrí. E ni mo pè ní ìkámọ́: 1 bí ọ̀tá bá wà nítòsí ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù débi pé ó lè fi ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì kàn án, 0 bí kò bá sí. Ẹ kọ nọ́ńbà aṣọ pẹ̀lú lẹ́tà níwájú, bíi T3 fún ẹgbẹ́ tiyín àti A7 fún ti alátakò, kí nọ́ńbà méjì má baà dàrú mọ́ra. Fún abala oníṣẹ́jú 40, iṣẹ́ yìí gbà mí ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ má ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí kan, ojú a máa rí ohun tí ó ń retí.

Kí ẹ tó gba ara yín gbọ́, ẹ sinmi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kà láìwo èyí tí ẹ ti kọ. Mo rí páàsì 44 ní àkọ́kọ́, mo rí 41 ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ mẹ́ta kò burú létí, àmọ́ kì í ṣe àpapọ̀ ni a fi ń ṣe ìfiwéra yìí. Nígbà tí mo to ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, 39 péré ni ó wà nínú méjèèjì: márùn-ún wà ní àkọ́kọ́ tí kò sí ní èkejì, méjì sì wà ní èkejì tí kò sí ní àkọ́kọ́. Mẹ́fà nínú méje yìí ni ó jẹ́ bọ́ọ̀lù gígùn láti ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni mo fi òfin gbígbé ojú sókè kún ìwé mi, tí mo sì padà lọ tún gbogbo bọ́ọ̀lù gígùn inú abala náà wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíka iye, àti pípín in

Ẹgbẹ́ náà gbá páàsì 168 ní abala kìíní, 118 nínú rẹ̀ sì yọrí sí rere, èyí tí ó jẹ́ ìdá 70 nínú 100. Ìlànà ìṣirò tí a fi ń rí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni èyí (bí Calc yín bá kọ̀ ọ́, ẹ fi `;` rọ́pò `,`):

```
=COUNTIFS(B:B,"T3",D:D,1)/COUNTIFS(B:B,"T3")
```

T3, ọmọ tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, gbá 31, 17 yọrí sí rere: ìdá 55 nínú 100. T2, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní apá ọ̀tún ẹ̀yìn, gbá 29, 22 yọrí: ìdá 76. Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí èyí, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan!" Ká ní a dúró síbẹ̀ ni, ọmọ náà ti jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí àṣìṣe yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1950, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Reep, tí ó jẹ́ oníṣirò owó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú pẹ́ńsù àti ìwé jáde níbi tí Swindon Town ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Ó ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ gólì ni ó ń wá láti inú páàsì mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó sì gba àwọn ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yára gbá bọ́ọ̀lù síwájú. Iye tí ó kà kò ní àṣìṣe. Ohun tí kò fi sí i ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá gba bọ́ọ̀lù, kì í ju páàsì mẹ́ta lọ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, yálà gólì wọlé tàbí kò wọlé. Bí nǹkan kan bá pọ̀ lọ́jà, òun náà ni yóò pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Iye gólì nìkan kò sọ nǹkan kan. Àfi kí a fi iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú pín in. Àwọn tí ó padà ṣe ìpín yẹn lẹ́yìn náà rí i pé ìgbà tí páàsì bá tẹ̀ léra púpọ̀ ni gólì ń wọlé jù ní ìwọ̀n iye ìgbìyànjú.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún T3. Mo béèrè pé: nínú páàsì 31 yẹn, mélòó ni ó gbá nígbà tí wọ́n ká a mọ́?

```
=COUNTIFS(B:B,"T3",E:E,1,D:D,1)/COUNTIFS(B:B,"T3",E:E,1)
```

Nígbà tí ọ̀tá kò sí nítòsí, T3 gbá 12, mẹ́wàá yọrí. T2 gbá 21, 18 yọrí. Ìdá 83 àti ìdá 86: ẹ kò lè fi ìyẹn sọ pé ọ̀kan mọ bọ́ọ̀lù ju èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n ká wọn mọ́, T3 gbá 19, méje yọrí. T2 gbá mẹ́jọ péré, mẹ́rin yọrí. Mẹ́jọ kéré jù láti fi dájọ́. Ìyàtọ̀ tí ó hàn gbangba wà níbòmíràn: wọ́n ká T3 mọ́ ní 19 nínú 31, wọ́n sì ká T2 mọ́ ní mẹ́jọ nínú 29. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ní àìsàn. Àwọn alátakò ni ó ń dé bá a ní ìlọ́po méjì, ìbéèrè sì wá di: kí ló dé tí wọ́n ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: láti orí àwòrán sí orí pápá

T5, ẹni àárín ẹ̀yìn ní apá òsì, ni ó ń fún T3 ní bọ́ọ̀lù jù. Ó fún un ní ìgbà 22. Mo fẹ́ mọ ibi tí gbogbo ènìyàn dúró sí gan-an nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ T5. Ẹ mú àkókò láti òpó A, ẹ fi àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ di àkókò fídíò kejì, kí ẹ fi yọ àwòrán kan láti inú fídíò fóònù tí kò mira:

```
ffmpeg -ss 00:12:34 -i duro1_25.mp4 -frames:v 1 aworan.png
```

Ẹ ṣí àwòrán náà, kí ẹ wá igun mẹ́rin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n wà lórí pápá. Igun mẹ́rin éétíìn ni ó dára jù. Bí pápá bá fẹ̀ ní mítà 64, éétíìn bẹ̀rẹ̀ ní mítà 11.84 sí ìlà ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí kámẹ́rà, ó sì parí ní 52.16. Ẹ kọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà nínú àwòrán sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ó wà lórí pápá, ní ètò kan náà:

```python
import cv2, numpy as np
fidio = np.float32([[1199,645],[1521,664],[670,751],[374,702]])
papa  = np.float32([[0,11.84],[16.5,11.84],[16.5,52.16],[0,52.16]])
H = cv2.getPerspectiveTransform(fidio, papa)
ese = np.float32([[[1635,658]]])
print(cv2.perspectiveTransform(ese, H))
```

Ibi tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀ ni ẹ gbọdọ̀ tẹ̀, kì í ṣe àyà tàbí orí rẹ̀, torí ìṣirò yìí gbà pé orí ilẹ̀ títẹ́ ni gbogbo nǹkan wà. Bí ó bá wà lókè nítorí pé ó ń fò, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, T3 wà ní nǹkan bíi mítà 18 sí ìlà gólì tirẹ̀, àti nǹkan bíi mítà 5 sí ìlà ẹ̀gbẹ́ òdìkejì.

Mo sọ "nǹkan bíi" nítorí ìdí kan. Láti orí fáráńdà tí ó ga ní mítà 5, píksẹ́lì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àmì tíntín tí ó para pọ̀ di àwòrán, tí ẹ bá fi tẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ jù yóò sún agbábọ́ọ̀lù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 ní ẹ̀gbẹ́ pápá tí ó jìnnà, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ wa, kò tó 20. Ẹsẹ̀ nínú eruku kò hàn dáadáa. Ọwọ́ mi lè ṣì ní píksẹ́lì mẹ́ta. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì níbi tí T3 wà. Nítorí náà, ohunkóhun tí kò bá ju mítà mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, n kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ti fẹ́ wọn bóyá T3 ń dúró sẹ́yìn jù ní ìbámu pẹ̀lú T5, mo sì pa ìbéèrè náà tì, torí ìyàtọ̀ tí mò ń wá kéré sí àṣìṣe ọwọ́ mi. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ìṣirò yín dára ni pé kí ẹ tẹ àmì kan tí ẹ kò lò, bíi àmì pẹ́nárítì tí ó wà ní mítà 11 sí ìlà gólì. Bí kò bá jáde ní nǹkan bíi 11 àti 32, igun kan wà tí ẹ tẹ̀ ní ibi tí kò yẹ, tàbí ẹ dàrú ètò wọn.

Ohun tí mo wọ̀n ni bí T8, ẹni àárín ní apá òsì, ṣe jìnnà sí T3 tó. Ní apá ọ̀tún, mo wọn bí T6, ẹni àárín ní apá ọ̀tún, ṣe jìnnà sí T2 ní ìgbà mẹ́sàn-án tí T4, ẹni àárín ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún, fún T2 ní bọ́ọ̀lù. Mo to wọn láti kékeré dé ńlá, mo sì mú èyí tí ó wà ní àárín gbùngbùn, kí ẹyọ kan tí ó ṣàjèjì má baà yí ìdájọ́ padà. Ní ọ̀tún, mítà 11. Ní òsì, mítà 24. Ìyàtọ̀ mítà 13 ju àṣìṣe ọwọ́ mi lọ fíìfíì. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ T3, kò sí ẹni tí ó lè gbá a fún nítòsí. Ìlà ẹ̀gbẹ́ wà lápá kan rẹ̀, A7 ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣé pańpẹ́ ni, àbí èèṣì?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ya àwòrán ọfà pupa lórí fídíò mẹ́ta, tí wọ́n á sì sọ pé àwọn ti rí ọgbọ́n alátakò. Fídíò mẹ́ta lè gbe ohunkóhun. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wo ìgbà 22 tí T5 fún T3 ní bọ́ọ̀lù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣáájú kọ̀ọ̀kan. Ní wíwò kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mo kíyè sí A9, atamátàsé wọn. Kì í sáré tààrà sí T5. Ó ń gba apá ọ̀tún T5 wá, ìsáré rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí ó fi jẹ́ pé ara rẹ̀ dí ọ̀nà láàárín T5 àti T4. T5 kò lè dá bọ́ọ̀lù padà sí ọ̀tún mọ́. Ó ku T3 tàbí aṣọ́lé. Bí A9 bá ti bẹ̀rẹ̀ ìsáré yẹn, A7 náà ti gbéra sí T3 kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ T5.

Mo fi òpó F kún ìwé, mo pè é ní ọrun, mo sì padà lọ kọ 1 tàbí 0 síwájú gbogbo 22. Ìgbà 15 ni A9 sáré bí ọrun. Wọ́n ká T3 mọ́ ní 13 nínú rẹ̀. Ìgbà méje ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ká T3 mọ́ ní mẹ́ta. Apá kejì yìí ni kò gbọdọ̀ sọnù. Ká ní wọ́n ń ká T3 mọ́ ní mẹ́fà nínú méje náà, ìsáré A9 kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, bó ti wù kí ó dára lójú tó. Mo tún ka ìgbà tí A9 sáré bí ọrun tí T5 kò sì fún T3 ní bọ́ọ̀lù: márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni ó dá padà fún aṣọ́lé, kò sì sí èyí tí ó bọ́ sọ́wọ́ alátakò.

Ó ku kí n mọ ìdí tí T8 fi jìnnà. Nínú ìgbà 15 yẹn, ní 11, apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ti wá. T8 ti sún lọ sí ọ̀tún láti ran T6 lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà gba ọ̀dọ̀ T4 dé T5, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn alátakò ń jẹ́ kí wọ́n gbá a ní ọ̀tún ní ìrọ̀rùn, títí òsì yóò fi ṣófo.

Gbogbo èyí, inú abala kìíní ni mo ti rí i. Ẹni tí ó bá wá nǹkan nínú àpò kan yóò rí nǹkan níbẹ̀, nítorí náà n kò fọwọ́ kan abala kejì títí mo fi kọ àbá mi sílẹ̀ pé: bí A9 bá sáré bí ọrun, wọ́n á ká T3 mọ́, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ká a. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí i. Nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì ti pààrọ̀ gólì tí a sì ti yí fóònù sí òdìkejì, apá òsì wá sún mọ́ wa, mo sì rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà kedere. A9 sáré bí ọrun ní ìgbà 11 tí bọ́ọ̀lù sì lọ sọ́dọ̀ T3; wọ́n ká a mọ́ ní mẹ́sàn-án. Ìgbà mẹ́fà mìíràn tí T5 fún un ní bọ́ọ̀lù láìsí ìsáré yẹn, ìgbà méjì ni wọ́n ká a mọ́. Ó dúró. Ìdíje kan péré ni, ó sì lè jẹ́ pé alátakò yẹn nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìdí èyí, n kò sọ pé gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò máa dẹ pańpẹ́ yìí fún wọn.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ẹ má gbé ìwé ìṣirò fún un. Fídíò mẹ́rin ni mo gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ: méjì tí pańpẹ́ mú T3, ọ̀kan tí T5 dá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé tí ewu sì kọjá, àti ọ̀kan tí T8 ti tètè padà sí òsì tí T3 sì rí i gbá a fún. Mo kọ ìlà méjì sí abẹ́ wọn, pẹ̀lú iye 13 nínú 15 àti mẹ́ta nínú méje. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo fídíò kẹrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí nọ́ńbà 8 máa lọ sí ọ̀tún yẹn."

Ní ìdánrawò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ẹfun fa ìlà kan gba àárín pápá kọjá, ó sì ní kí T8 má ṣe kọjá rẹ̀ sí ọ̀tún nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ T4. Ìdíje tí ó tẹ̀ lé e, T3 ni ó bẹ̀rẹ̀. Fídíò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì fẹ́ wọ̀n nínú rẹ̀ ni mítà 24 yẹn.